Owó kan, tẹ́tẹ́ méjì: bí ìlà -0.75 àti -0.25 ṣe ń pín owó tí ẹ fi ta

Lọ́jọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà na Àǹgólà ní 1-0 nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Lookman ló gbá góòlù kan ṣoṣo náà wọlé. Níbi tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ ti ń hó yẹ̀ẹ̀, àbúrò mi kan tó máa ń bá àwọn aláàtà gbé agbọ̀n ẹja ní ọjà Olúwo wọlé tọ̀ mí wá, ó sì fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jẹ mí lówó. Nàìjíríà ni mo mú, Nàìjíríà ló borí. ₦4,000 ni mo fi ta, ọ́ọ̀dì 1.90. ₦7,600 ló yẹ kí n gbà. Kásíà ka ₦5,800 fún mi, ó ní bí ẹ̀rọ ṣe gbé e nìyẹn."

Èmi náà ti jókòó sẹ́yìn irin ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ rí, mo ṣe kásíà fún ọdún mẹ́ta kí n tó fi í sílẹ̀. Mo mọ irú ẹjọ́ yìí dáadáa, torí kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í fi í bú mi. Mo ní kó fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn mí. Níwájú orúkọ Nàìjíríà, wọ́n kọ `-0.75` síbẹ̀. Kásíà ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó náà ṣe rìn, torí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ₦5,800 yẹn gbà jáde ti mọ gbogbo ìlà ìdámẹ́rin tó wà.

Kí ni nọ́mbà yẹn ń ṣe?

Ohun tí wọ́n ń kọ ní `Asian Handicap` lójú ẹ̀rọ ni pé wọ́n ń fi góòlù kún ti ẹgbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n yọ góòlù kúrò nínú tirẹ̀, kí wọ́n tó wo ẹni tó borí. Àwọn ará Indonesia tó ń ta á látijọ́ ń pè é ní hang cheng. Akọ̀ròyìn kan, Joe Saumarez Smith, ló sọ ọ́ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí báyìí lọ́dún 1998. Èmi á máa pè é ní hándíkáàpù.

Bí nọ́mbà náà bá jẹ́ -1, wọ́n á yọ góòlù kan nínú ti ẹgbẹ́ tí ẹ mú. Bí wọ́n bá fi góòlù méjì borí, ẹ jẹ. Bí wọ́n bá fi ẹyọ kan borí, ó di ọ̀mì lẹ́yìn ìyọkúrò, wọ́n á sì dá owó yín padà bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ -0.5, kò lè sí ọ̀mì mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń gbá ààbọ̀ góòlù wọlé. Ẹgbẹ́ yín borí, ẹ jẹ. Wọn ò borí, owó lọ. Títí dé ibẹ̀, ó yé gbogbo èèyàn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi 0.25 àti 0.75. Àwọn oníbàárà mi máa ń wá ibi tí ìdámẹ́rin góòlù wà nínú eré. Kò sí níbì kankan, a ò sì nílò rẹ̀. Ìlà ìdámẹ́rin kì í ṣe ìlà gidi kan, àárín ìlà méjì ló jókòó sí. Tí ẹ bá ti ta á, ẹ̀rọ á la owó yín sí méjì ọgbọọgba. Á fi apá kan ta ìlà tó wà lókè rẹ̀, á sì fi apá kejì ta ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àlàyé tí mo ṣe fún àbúrò mi ni pé kò ra ẹja ńlá kan tí wọ́n wá gé ìrù rẹ̀ kúrò. Agbọ̀n ẹja méjì ló fi owó kan rà. Ọ̀kan lè tà kí èkejì má tà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ẹ mú bírò. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ ìlà méjì tó yí nọ́mbà yín ká: ẹ fi 0.25 kún un, kí ẹ sì yọ 0.25 kúrò nínú rẹ̀. Fún -0.75, ẹ máa rí -0.5 àti -1. Fún -0.25, ẹ máa rí 0 àti -0.5. Ilé tẹ́tẹ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ méjèèjì síta fún yín, bíi `-0.5, -1` tàbí `-0.5/1`. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, -0.75 náà ni, kì í ṣe pé wọ́n ní kí ẹ mú ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó sí méjì. ₦4,000 àbúrò mi di ₦2,000 lórí -0.5 àti ₦2,000 lórí -1. Ọ́ọ̀dì kan náà, 1.90, ló wà lórí apá méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á lọ wo ọ́ọ̀dì -0.5 tó dá dúró lójú ẹ̀rọ, wọ́n á fi ṣírò apá kan. Ọ́ọ̀dì tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín nìkan ni ẹ lò.

Wàyí o, ẹ dá apá kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ bíi pé èkejì ò sí. Nàìjíríà 1, Àǹgólà 0. Lórí -0.5, Nàìjíríà ní ààbọ̀ góòlù, Àǹgólà ò ní nǹkan kan, nítorí náà ó jẹ: ₦2,000 lọ́nà 1.90, ìyẹn ₦3,800. Lórí -1, Nàìjíríà di òdo, Àǹgólà náà jẹ́ òdo. Ọ̀mì ni, wọ́n dá ₦2,000 padà. Ẹ ro méjèèjì pọ̀:

```
2,000 x 1.90 = 3,800
2,000 x 1.00 = 2,000
             = 5,800
```

₦5,800 tí kásíà kà nìyẹn. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,800, ìdajì ₦3,600 tó ń retí. Ìyẹn ni ẹ̀rọ ń kọ ní `Half Won`. Ká ní Nàìjíríà fi góòlù méjì borí ni, bí wọ́n ṣe na Kamẹrúùnù ní 2-0 lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní ọdún yẹn, apá méjèèjì ì bá jẹ, ì bá sì gba ₦7,600 rẹ̀ pé pérépéré. Ká ní ọ̀mì ni wọ́n gbá, apá méjèèjì ì bá kú.

Ẹ wá wo ẹni tó wà ní òdìkejì, tó mú Àǹgólà ní +0.75. Ìlà méjì tirẹ̀ ni +0.5 àti +1. Lórí +0.5, ààbọ̀ góòlù ò tó láti bá ẹyọ kan, apá yẹn kú. Lórí +1, ọ̀mì ni, wọ́n dá apá yẹn padà. Ó padà sílé pẹ̀lú ₦2,000 nínú ₦4,000. `Half Lost` nìyẹn. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá jẹ ìdajì, ẹni tó mú ẹgbẹ́ kejì lórí ìlà kan náà ti pàdánù ìdajì.

Ìdajì èrè àti ìdajì àdánù ò dọ́gba

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń tú owó àwọn tó gbà pé ìlà ìdámẹ́rin ò léwu. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn eré Àǹgólà, Nàìjíríà gbá sẹmifáínà pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà. 1-1 ni wọ́n wà nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, àfikún àkókò ò yí i padà, Nàìjíríà sì fi pẹ́náàtì 4-2 wọ fáínà. Àbúrò mi ti mú Nàìjíríà ní -0.25, ₦4,000, ọ́ọ̀dì 1.90. Ó ti ń jó kó tó dé ṣọ́ọ̀bù.

₦2,000 ni wọ́n fún un. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, hándíkáàpù orí eré máa ń parí síbi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú tí rẹfirí bá fi kún un. Àfikún àkókò àti pẹ́náàtì ò sí nínú rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ ní pàtó. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀mì ni eré yẹn. Èkejì, -0.25 ni 0 àti -0.5. Lórí 0, ọ̀mì ń dá owó padà, ₦2,000 padà wá. Lórí -0.5, ọ̀mì ń pa tíkẹ́ẹ̀tì, ₦2,000 lọ.

Ẹ wá fi eré méjèèjì wéra. Nígbà tó jẹ ìdajì, ó rí ₦1,800. Nígbà tó pàdánù ìdajì, ó fi ₦2,000 sílẹ̀. Ó jẹ ìdajì lẹ́ẹ̀kan, ó pàdánù ìdajì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti wọ gbèsè ₦200. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́ọ̀dì bá wà nísàlẹ̀ 2.00, bí yóò ṣe máa rí nìyẹn, torí ìdajì àdánù máa ń gba ìdajì owó yín gan-an, àmọ́ ìdajì èrè ń san ìdajì èrè tí ọ́ọ̀dì sọ, èyí tí kò tó ìdajì owó yín.

Kí ẹ lè mọ ìlà tó ń fúnni ní ìdajì èrè yàtọ̀ sí èyí tó ń gba ìdajì owó, ẹ má há nǹkan kan sórí. Ẹ wá ìlà tó jẹ́ nọ́mbà odidi nínú àwọn méjì tó yí i ká, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí èsì bá bọ́ sórí odidi yìí tí wọ́n bá dá apá kan padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí apá kejì? Fún -0.75, odidi náà ni -1. Bí ẹgbẹ́ yín bá fi ẹyọ kan borí, apá -0.5 á jẹ. Ìdajì èrè ni. Fún -1.25, odidi náà ni -1 kan náà, ṣùgbọ́n -1.5 ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan borí, apá yẹn kú. Ìdajì àdánù ni, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ yín borí o! Èèyàn borí tán, owó rẹ̀ dín. Mo ti rí bàbá kan tó fọwọ́ gbá kántà mọ́ mi lójú nítorí irú èyí.

Ọ̀nà kan náà ni òkè àti ìsàlẹ̀ góòlù, ìyẹn tẹ́tẹ́ lórí iye góòlù tó máa wọlé nínú eré, ń gbà ṣiṣẹ́. Òkè 2.25 jẹ́ òkè 2 àti òkè 2.5. Góòlù méjì wọlé, apá kan padà, apá kejì kú.

Ṣé ọ́ọ̀dì tí wọ́n fún yín lórí ìlà ìdámẹ́rin dáa?

Níwọ̀n bó ti jẹ́ tẹ́tẹ́ méjì ni, ẹ̀yin fúnra yín lè ta á ní méjì. Èmi kì í rí ẹni tó ń wò ó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ìṣẹ́jú kan ni.

Ká ní lójú ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ yín wà ní 1.60 lórí 0, ó wà ní 2.10 lórí -0.5, wọ́n sì kọ 1.80 sórí -0.25. Ẹ ro 1.60 àti 2.10 pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 1.85. Bí ẹ bá fi ₦4,000 ta -0.25 tí ẹgbẹ́ yín sì borí, ẹ máa gba ₦7,200. Bí ẹ bá ta ìlà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ₦2,000, ₦2,000, ẹ máa gba ₦3,200 àti ₦4,200, ìyẹn ₦7,400. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, ₦2,000 náà ló máa padà sọ́wọ́ yín lọ́nà méjèèjì. Bí wọ́n bá nà yín, kò sí nǹkan kan lọ́nà méjèèjì. ₦200 yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ ń gbà lọ́wọ́ yín pé ó bá yín pín owó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìṣirò yìí lọ sórí -0.75 kí ẹ sì máa pariwo olè. Orí ìlà tó ń mú ìdajì àdánù wá nìkan ló ti péye. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá bọ́ sórí odidi níbẹ̀, kò sí apá tó ń gba ọ́ọ̀dì. Ọ̀kan padà, ọ̀kan kú, iye kan náà ni lọ́nàkọnà. Lórí ìlà tó ń mú ìdajì èrè wá, apá kan ń gba ọ́ọ̀dì, ọ́ọ̀dì tó sì ń gbà ju ti ìlà tó dá dúró lọ.

Ẹ wò ó: -0.5 wà ní 1.60, -1 wà ní 2.20, -0.75 wà ní 1.80. Ìṣirò àárín á sọ 1.90, á wá dà bíi pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ fi ₦4,000 dán an wò. Bí wọ́n bá fi ẹyọ kan borí, -0.75 á san ₦5,600, àmọ́ tẹ́tẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á san ₦5,200 péré. Bí wọ́n bá fi méjì borí, -0.75 á san ₦7,200, tẹ́tẹ́ méjì á san ₦7,600. Ohun tó dín níbì kan ló lé níbòmíràn. Èwo ló sàn jù wà lọ́wọ́ iye ìgbà tí ẹ rò pé ẹgbẹ́ náà á fi ẹyọ kan borí.

Nínú tíkẹ́ẹ̀tì eléré púpọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í ta eré kan ṣoṣo. Níbi tí wọ́n bá gba ìlà ìdámẹ́rin láàyè nínú tíkẹ́ẹ̀tì eléré púpọ̀, ìdajì àdánù kì í gé tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń yí ọ́ọ̀dì eré náà padà. Eré tó jẹ ìdajì, ẹ fi 1 kún ọ́ọ̀dì rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 1.90 di 1.45. Eré tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà di 1. Eré tó pàdánù ìdajì di 0.5, ohun yòówù kí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ká ní eré mẹ́ta wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ₦1,000: ọ̀kan jẹ ìdajì ní 1.90, èkejì jẹ pátápátá ní 1.80, ẹ̀kẹta pàdánù ìdajì.

```
1,000 x 1.45 x 1.80 x 0.5 = 1,305
```

Àwọn kan á ti ya tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sínú gọ́tà, wọ́n á ní eré kẹta ti gé e. Mo máa ń rí wọn nílẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀ lálẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí owó ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin ilé tẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ níbí, nítorí náà ẹ ka tiwọn kí ẹ tó kó o pọ̀.

Nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀

Fáínà wáyé lọ́jọ́ 11 oṣù kejì. Àbúrò mi mú Nàìjíríà ní +0.75 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró dìgbà ìsinmi. Nígbà yẹn, Nàìjíríà ti wà níwájú ní 1-0, òun náà sì wá mú Nàìjíríà ní +0.75. Ó ní ọgbọ́n lòun gbọ́n: góòlù kan ti wà nílẹ̀, 0.75 tún wà lórí rẹ̀, Áífọ́rì Kóòsì á gbá mẹ́ta kí wọ́n tó lè mú òun.

Áífọ́rì Kóòsì gbá méjì, ó parí sí 2-1. Àbúrò mi gba ìdajì owó rẹ̀: +0.5 kú, +1 di ọ̀mì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Eré kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, nọ́mbà kan náà lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò mọ̀ ni pé nínú hándíkáàpù tí ẹ bá ta nígbà tí eré ń lọ, òdo sí òdo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Góòlù tó ti wọlé ṣáájú ò sí nínú ìṣirò mọ́. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, 0-2 ni eré náà parí sí. Lórí +0.5, Nàìjíríà ní ààbọ̀, Áífọ́rì Kóòsì ní méjì. Lórí +1, Nàìjíríà ní ẹyọ kan, Áífọ́rì Kóòsì ní méjì. Apá méjèèjì kú, kò sí ìdajì kankan.

Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síbi iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Nàìjíríà, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré tó ti fẹ́ parẹ́, wọ́n tẹ `(1-0)` síbẹ̀, ìyẹn èsì tó wà nílẹ̀ nígbà tó ta á. Ó wò ó títí. "Mo rò pé ohun tí wọ́n fi kún un fún mi nìyẹn," ló sọ.